Wáìnì orí yín ti ń ṣí? Bí ẹ ṣe máa fi kọndíṣọ́nà aláwọ̀ dá a padà kí ọjọ́ dáì tó pé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti dáì irun sí wáìnì rí, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ irun á pọ́n dòdò bíi sóbò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè, ẹni tẹ́ ẹ bá ṣáà ti pàdé ló ń bi yín pé níbo lẹ ti ṣe é. Tó bá máa fi di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ dúró síwájú díńgí lọ́sàn-án gangan, ẹ ó rí i pé ṣóńṣó irun ti di àwọ̀ epo pupa, àárín rẹ̀ ò pupa ò dúdú, ìdí rẹ̀ sì ti ń hù ní dúdú. Tẹ́ ẹ bá tún ní kẹ́ ẹ padà lọ dáì gbogbo ẹ̀ báyìí, irun tí wọ́n ti bílíìṣì lẹ́ẹ̀kan ò ní fara da ìyẹn lóṣooṣù, á bẹ̀rẹ̀ sí í já ni.

Ohun tó wà fún àárín ìgbà yẹn ni kọndíṣọ́nà aláwọ̀, àwọn mìíì ń pè é ní másìkì kálà. Kọndíṣọ́nà ni lóòótọ́, ó ń mú irun rọ̀, àmọ́ wọ́n ti po àwọ̀ mọ́ ọn, tẹ́ ẹ bá ṣan kọndíṣọ́nà kúrò, àwọ̀ á dúró sára irun. Ẹ lè ra èyí tí wọ́n ti pò tán, ẹ sì lè fi kọndíṣọ́nà funfun lásán àti dáì tí kò ní dẹfẹlópà, ìyẹn kẹ́míkà tí wọ́n ń pò mọ́ dáì kó lè wọnú irun, po tiyín nílé. Èmi a máa pò ó fúnra mi, torí pé èyí tó wà nínú ike kì í sábà bá ohun tó kù lórí irun mu, ibẹ̀ yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà: kì í ṣe kálà tí wọ́n fi dáì irun yín níjọ́sí lẹ máa dá padà, èyí tó ti lọ nínú ẹ̀ ni. Irun àbúrò mi ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, torí èmi ni mò ń bá a ṣe é, mo sì kọ gbogbo ìwọ̀n tí mo lò sílẹ̀.

Ìdí tó fi ń tètè lọ

Irun ní èèpo lára tó tò léra wọn bí ìpẹ́ ẹja. Dáì tí wọ́n ń po dẹfẹlópà mọ́ máa ń ṣí ìpẹ́ yìí, àwọ̀ rẹ̀ kéré gan-an nígbà tó ń wọlé, inú irun ló ti máa ń so pọ̀ tó fi ń tóbi, ìdí nìyẹn tí kì í fi tètè rí ọ̀nà jáde. Síbẹ̀ náà, nínú gbogbo kálà, pupa ló máa ń yára lọ jù. Àwọ̀ inú kọndíṣọ́nà yàtọ̀ sí ìyẹn, ó ti tóbi tán kó tó kúrò nínú ike, kò lè wọnú irun lọ títí, ẹ̀yìn irun àti abẹ́ ìpẹ́ lókè lókè níbẹ̀ ló máa ń dì mọ́. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fọ irun, díẹ̀ nínú ẹ̀ á bá omi lọ. Torí náà ẹ má retí pé kó pẹ́ bíi dáì, ìfọ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà ló sábà máa ń dúró, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí pé kò ṣí ìpẹ́ kankan, kò ba irun jẹ́, tó bá sì jẹ́ pé ẹ ṣì í pò, á lọ.

Irun tó ti gba bílíìṣì máa ń fa àwọ̀ yìí mọ́ra bí mágínẹ́ẹ̀tì ṣe ń fa abẹ́rẹ́. Bí ibì kan bá ṣe gbó tó lára irun ló ṣe máa fà á tó, ìyẹn ló jẹ́ kí ṣóńṣó irun máa tètè mu àwọ̀, òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ tú u dà nù. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Ohun kejì ni pé kọndíṣọ́nà fúnra rẹ̀ náà ń wá ibi kan náà tí àwọ̀ ń wá lára irun. Tí kọndíṣọ́nà mìíì, òrí, òróró àgbọn tàbí jẹ́ẹ̀lì bá ti gba ibẹ̀ ṣáájú, àwọ̀ ò ní ríbi jókòó sí. Àwa tá a máa ń fi òrí pa irun, ibí ló ti máa ń bà jẹ́ jù fún wa, ènìyàn á jókòó wákàtí kan pẹ̀lú másìkì lórí, tó bá ṣan án tán kò ní rí nǹkan kan, á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, bẹ́ẹ̀ sì rèé òrí ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ló ń dènà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á

Tó bá jẹ́ páálí tó ní ike méjì nínú, tí wọ́n ní kẹ́ ẹ po méjèèjì pọ̀, ẹ dá a padà, dáì gidi nìyẹn. Èyí tá a fẹ́, ike kan ṣoṣo ni, kò ní dẹfẹlópà, kò ní amóníà. Ẹ wo àkọsílẹ̀ ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ ó rí orúkọ bíi Basic Red 51 tàbí Basic Orange 31, àwọn àwọ̀ tó ń dì mọ́ irun láì nílò nǹkan mìíì nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá rí p-phenylenediamine níbẹ̀, kì í ṣe òun lẹ ń wá, òun ló máa ń jẹ́ kí awọ orí àwọn kan wú kó sì yún wọn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Kọndíṣọ́nà tẹ́ ẹ máa pò ó mọ́, ẹ wá funfun tó nípọn díẹ̀, èyí tí kò wọ́n, tí kò ní òróró púpọ̀ nínú. Funfun ni kó jẹ́ o, kẹ́ ẹ lè rí ohun tẹ́ ẹ ń pò. Ẹ má fi òrí sí i, ẹ má fi oyin sí i, ẹ má fi píà sí i.

Ẹ wo ohun tó kù kẹ́ ẹ tó po nǹkan kan

Irun àbúrò mi 4C ni, ìyẹn irun tó ká kókó gan-an, tẹ́ ẹ bá nà án á kan èjìká. Wọ́n bílíìṣì rẹ̀ kó tó gba wáìnì. Irun dúdú tí wọ́n bá ń bílíìṣì kì í lọ funfun lẹ́ẹ̀kan náà, á kọ́kọ́ pupa, á di àwọ̀ ọsàn, lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa di àwọ̀ ìyeyè. Àwọ̀ ọsàn ni wọ́n ti dá tiẹ̀ dúró kí wọ́n tó lé wáìnì lé e lórí. Nítorí náà, tí wáìnì bá ti ń ṣí, àwọ̀ ọsàn yẹn ló ń yọjú láti abẹ́.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo bá a ṣe é, pupa nìkan ni mo rà. Mo rò ó pé pupa ló lọ, pupa ni kí n fi dí i. Mo fi sí i, ogún ìṣẹ́jú, mo ṣan án, irun náà gbẹ, ó wá pọ́n yòò bí epo pupa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ lórí iná, ojú rẹ̀ wá dà bíi pé ó ń ṣàìsàn lábẹ́ ẹ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, èyí kọ́ ni mo gbé wá o." Mo jókòó, mo rò ó, mo wá rí ibi tí mo ti ṣìṣe: wáìnì kì í ṣe pupa, pupa àti díẹ̀ nínú elésè àlùkò ni. Elésè àlùkò yẹn ló ń sọ ọ́ di sóbò, torí pé búlúù tó wà nínú rẹ̀ ló ń pa àwọ̀ ọsàn. Tí ìyẹn bá ti lọ, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ da pupa tó sórí àwọ̀ ọsàn, epo pupa ló máa jẹ́.

Ẹ mú irun yín sún mọ́ fèrèsé lọ́sàn-án, kì í ṣe abẹ́ iná gílóòbù torí pé iná gílóòbù lè mú kí ohun gbogbo pupa. Ẹ bi ara yín pé kí ni mò ń rí níbí tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Tó bá jẹ́ àwọ̀ ọsàn, elésè àlùkò ló kù díẹ̀ káàtó. Tó bá jẹ́ pé kò sí àwọ̀ ọsàn níbẹ̀, pé ńṣe ló kàn ṣókùnkùn tí kò dán mọ́, pupa nìkan lè tó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bílíìṣì dé funfun tàbí tẹ́ ẹ gbé bùlóńdì sórí, ìyeyè ló máa ń yọ sí tiyín, elésè àlùkò nìkan ló ń pa ìyẹn, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún péré, tẹ́ ẹ bá gbàgbé é síbẹ̀ irun á di eléérú. Bráún tó bá ti ń pọ́n, búlúù ló nílò. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí àwọn yẹn, wáìnì ni tiwa lónìí.

Ọjọ́ méjì ṣáájú: ẹ dán an wò lára

Ẹ fi kíún nínú dáì náà sẹ́yìn etí tàbí inú ìgbọ̀nwọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 48. Tó bá yún yín, tó wú, tó léròrò, ẹ má lò ó. Pé kò ní dẹfẹlópà kò ní kó má lè bínú sí awọ ara ẹlòmíì. Tẹ́ ẹ bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi rìláásà sórí tó jó yín, ẹ jẹ́ kí ojú egbò yẹn jinná ná.

Pípo rẹ̀

Ohun tí mo lò fún irun tó kan èjìká, tó sì pọ̀: kọndíṣọ́nà funfun ṣíbí ìjẹun méjìlá, ìyẹn bíi 180 ml, dáì pupa ṣíbí ìjẹun méjì, àti dáì elésè àlùkò ìdajì ṣíbí tíì. Abọ́ ike tàbí tánganran ni kẹ́ ẹ lò, abọ́ ike á gba àwọ̀ o, torí náà kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ fi ń jẹun. Ẹ kọ́kọ́ ro pupa mọ́ kọndíṣọ́nà títí kò fi ní sí ìlà funfun kankan nínú ẹ̀ mọ́, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá máa kán elésè àlùkò sí i díẹ̀díẹ̀. Elésè àlùkò le gan-an, èyí tẹ́ ẹ bá ti fi sí i ò ṣeé yọ, àmọ́ ẹ lè fi kún un nígbàkigbà.

Tẹ́ ẹ bá rò ó tán, ẹ fi ìka tó wà nínú gílọ́ọ̀fù fa díẹ̀ sórí tíṣù funfun, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Ohun tó wà nínú abọ́ á dà bíi yọ́gọ́ọ̀tì pupa, ìyẹn ò jọ irun rárá, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, èyí tó tẹ́ sórí tíṣù ló sún mọ́ òtítọ́. Ó yẹ kó jọ sóbò tí wọ́n fi omi lù. Tó bá jọ ọmọ ọsàn tàbí tòmátò, elésè àlùkò kò tíì tó.

Ẹ wá dán an wò lára irun fúnra rẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má fo ibí yìí. Ẹ mú irun díẹ̀ ní ìpàkọ́, níbi tí kò hàn, kó nípọn tó igi ìṣáná méjì, ẹ fi òwú so ó kó má bàa dàrú mọ́ ìyókù, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ kó mọ́. Ẹ fi pa á láti àárín dé ṣóńṣó. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mo ṣan ti àbúrò mi, mo gbẹ ẹ́, mo gbé e síwájú fèrèsé: àárín dára, ṣóńṣó ṣì ń pe epo pupa. Mo fi ìdajì ṣíbí tíì elésè àlùkò mìíì kún un, ó wá di ṣíbí tíì kan odindi. Mo mú irun mìíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí mo ń nù ún wò ní ìṣẹ́jú mẹ́rin mẹ́rin. Ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ṣóńṣó ti di sóbò. Àárín ò tíì dé ibẹ̀, ó di ogún ìṣẹ́jú kó tó bá a dọ́gba. Ẹ rí i pé àlàfo ìṣẹ́jú méjìlá ló wà láàárín àwọn méjèèjì, ọgbọ́n tó kù nìyẹn. Tí mo bá ti fi sí gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí mo sì dúró de àárín, ṣóńṣó á ti dúdú kọjá àlà.

Fífọ orí

Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ fi ṣámpù fọ irun lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má fi kọndíṣọ́nà kankan tẹ̀ lé e. Ìfọ̀ àkọ́kọ́ ń kó òrí àti jẹ́ẹ̀lì, ìkejì ló ń fọ irun fúnra rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ kan án tó ṣì ń yọ̀ bíi pé òróró wà níbẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta.

Ọ̀rọ̀ ọṣẹ dúdú wá ńkọ́? Mo fẹ́ràn ọṣẹ dúdú, òun ni wọ́n fi fọ orí fún wa lọ́mọdé, àmọ́ eérú tí wọ́n fi ń sè é le, ó máa ń gbé ìpẹ́ irun sókè, gbogbo àwọ̀ tó kù níbẹ̀ á sì máa bá ìhó lọ. Ẹ wo ìhó yẹn nígbà tẹ́ ẹ bá fi fọ irun wáìnì, pupa ló máa jẹ́. Ẹ lò ó fún ara, ẹ fi ṣámpù fọ irun tẹ́ ẹ dáì. Omi bọ́hóòlù náà, tí báàkẹ́ẹ̀tì yín bá ti ní ìlà pupa bí ìpẹtà nínú, irin wà nínú omi yẹn, irin sì máa ń sọ kálà di pípọ́n rúsúrúsú tí kò dán. Nílé wa omi òjò la fi ń ṣan irun kẹ́yìn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn a máa ń ja píọ̀ wọ́tà mélòó kan sínú abọ́.

Ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì fún omi irun dáadáa. Kó tutù, kó má máa ro. Tí omi bá ń ro, á la àwọ̀ náà, á sì máa gbé e sáré lọ sí ọrùn yín.

Fífi sórí

Ẹ wọ gílọ́ọ̀fù àti ẹ̀wù tẹ́ ẹ ò nílò mọ́. Ẹ fi fasilín pa iwájú orí, etí àti ọrùn. Ẹ pín irun sí mẹ́jọ, tó bá kún ẹ pín in sí méjìlá, ẹ fi òwú tàbí kílíìpù mú wọn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkọ́. Mú apá kan, ẹ fi másìkì náà sí i láti ibi tí kálà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe láti awọ orí, torí irun dúdú tó ń hù níbẹ̀ kò ní gba nǹkan kan, awọ orí nìkan ni yóò pọ́n. Ẹ dúró ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí ṣóńṣó, ẹ fi ṣóńṣó sílẹ̀ ná. Ẹ fi àtàńpàkò àti ìka tẹ̀ ẹ́ wọnú irun, ẹ máa fún un bí ẹní ń fún aṣọ, nítorí irun tiwa yìí, òkè rẹ̀ lè pọ́n kí inú rẹ̀ má sì rí nǹkan kan. Ibi tẹ́ ẹ bá ti ṣí apá kan wò tẹ́ ẹ rí i pé ó ń gbẹ tàbí pé ó rí tótòtó, ẹ fi kún un. Ẹ má ṣahun sí i, àìtó rẹ̀ ló ń fa kó rí bíi àmọ̀tẹ́kùn.

Tẹ́ ẹ bá fi sí gbogbo apá tán, ẹ wo aago látìgbà yẹn. Ó gbà mí tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti pa gbogbo orí, torí náà ìpàkọ́ ti jẹ èrè díẹ̀ ṣáájú iwájú, ìyẹn ò burú, ìpàkọ́ ló máa ń le jù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjìlá, ẹ fi ìyókù pa ṣóńṣó, kẹ́ ẹ kó gbogbo ẹ̀ jọ sókè, kẹ́ ẹ fi ọ̀rá borí kó má gbẹ. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ mìíì, ó parí.

Tí kò bá dá yín lójú, ẹ fi tíṣù nu irun bíi mélòó kan, kẹ́ ẹ wò ó. Irun tútù máa ń dúdú ju bó ṣe máa rí tó bá gbẹ, torí náà tẹ́ ẹ bá rí i pé ó dọ́gba pẹ̀lú ohun tẹ́ ẹ fẹ́ nígbà tó ṣì tutù, ó ṣeé ṣe kó fúyẹ́ díẹ̀ tó bá gbẹ.

Ṣíṣan án

Omi tútù, tàbí èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, má fi omi gbígbóná. Kò sí ṣámpù níbí, kò sì sí kọndíṣọ́nà mìíì, kọndíṣọ́nà ti wà nínú ohun tẹ́ ẹ fi sí i. Omi àkọ́kọ́ á pupa bí ẹ̀jẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Nígbà tí omi bá ti dà bíi sóbò tó ti la jù, ẹ dáwọ́ dúró, tẹ́ ẹ bá ní àfi tó bá mọ́ kedere, ẹ ó ṣan ohun tẹ́ ẹ wá fi síbẹ̀ dà nù. Ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì dúdú nù ún, kẹ́ ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ gbẹ. Lẹ́yìn tó bá gbẹ pátápátá lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lè fi òrí pa á.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn àti alẹ́ kejì, ẹ wé gèlè dúdú sùn, nítorí ìrọ̀rí. Tẹ́ ẹ bá ń làágùn, òógùn á gbé àwọ̀ díẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sí ọrùn, torí náà kì í ṣe ọjọ́ kejì lẹ máa wọ léèsì funfun lọ òde. Ojú kan tó bá ta sí awọ ara, ẹ fi òróró nù ún kẹ́ ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kíá ni kẹ́ ẹ ṣe é, tó bá sùn síbẹ̀ á pẹ́ kó tó lọ. Tó bá kán sórí táìlì funfun, ẹ má dúró kẹ́ ẹ parí orí kẹ́ ẹ tó nù ún.

Tí kò bá rí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́

Tó bá rí tótòtó, ibì kan pọ́n, ibì kan ò gbà, òrí tàbí jẹ́ẹ̀lì ló kù níbi tí kò gbà, tàbí kí másìkì má tó. Ẹ fi ṣámpù fọ ibẹ̀ nìkan, kẹ́ ẹ tún fi sí ibẹ̀ nìkan. Ẹ má tún gbogbo orí pa, ibi tó ti gbà tẹ́lẹ̀ á tún gbà sí i, àlàfo àwọn méjèèjì ò sì ní kúrò.

Tó bá dúdú jù, ẹ mú sùúrù. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ṣámpù tó ń fọ̀ mọ́ dáadáa, ìfọ̀ kan tàbí méjì, ó máa ń fúyẹ́. Èyí tí mo ń rí jù lórí àwọn ènìyàn ni ti àwọn tó ń fi másìkì sórí ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fọ irun, láti ìdí dé ṣóńṣó. Oṣù kan kò ní kọjá kí ṣóńṣó tó dúdú bí ohun tí wọ́n rì bọ aró, àárín á ṣì wà ní sóbò. Ẹ máa yẹ ṣóńṣó wò nígbà tí irun bá tutù: tó bá ti dúdú ju àárín lọ, ẹ fi í sílẹ̀, àárín nìkan ni kẹ́ ẹ pa.

Tí kò bá sì gba nǹkan kan rárá, tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ẹ fọ irun dáadáa, irun yẹn ṣókùnkùn jù ni. Àwọ̀ yìí kì í jẹ́ kí irun mọ́lẹ̀ ju bó ṣe wà lọ. Lórí irun dúdú tí kò rí bílíìṣì rí, ohun tẹ́ ẹ máa rí kò ju dídán pupa díẹ̀ lábẹ́ oòrùn lọ. Ewú máa ń gbà á, àmọ́ kì í bò ó pátápátá, ìfọ̀ díẹ̀ ó tún jáde. Wíìgì irun ènìyàn máa gbà á bíi ti orí, èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe ò ní gbà á.

Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣebí làálì náà ń kun irun pupa, kí ló dé tí mi ò lo làálì. Làálì yàtọ̀, ó ń dì mọ́ irun kì í sì í jáde, pupa rẹ̀ á sì fa sí àwọ̀ ọsàn, èyí tá a ń sá fún gan-an. Èyí tí wọ́n wá ń pè ní làálì dúdú, tó ń ṣiṣẹ́ láàárín wákàtí kan, ohun kan ti wà nínú ẹ̀ tí kì í ṣe ewé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbé e sórí irun tí wọ́n ti bílíìṣì.

Ìgbà wo lẹ máa tún ṣe é

Àbúrò mi máa ń fọ irun lọ́sẹ̀ méjì méjì, ìfọ̀ kan a fi másìkì sí i, ìfọ̀ tó tẹ̀ lé e a fi kọndíṣọ́nà lásán. Lẹ́ẹ̀kejì tí a lo èyí tí mo pò yìí, a dín elésè àlùkò kù sí ìdajì ṣíbí tíì, torí díẹ̀ tó kù láti ìgbà tó ṣáájú ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ dáì bá wá kù bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a máa ń dáwọ́ dúró, a ó sì sọ fún onídìrí ohun tí a ti ń fi sí i, ká mú ike rẹ̀ dání lọ, kí ó mọ ohun tó wà lábẹ́ kó tó po tiẹ̀.

Másìkì tó bá kù nínú abọ́ ò ní ká dà á nù, kò sí dẹfẹlópà nínú rẹ̀ tó máa pa á, tí omi ò bá ti kàn án. Ṣíbí gbígbẹ ni mo fi kó tiwa sínú ike tó ní ìdérí, mo gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí oòrùn ò dé. Mo lẹ bébà mọ́ ọn lára: "funfun 12, pupa 2, àlùkò ṣíbí tíì 1, àárín ìṣẹ́jú 20, ṣóńṣó 8", àti ọjọ́ tí mo pò ó.